Bí wọ́n ṣe kọ́ bí wọ́n á ṣe fi hámà mọ ohun tó ń ṣe páìlì nínú ilẹ̀

Páìlì, ìyẹn òpó inú ilẹ̀ tó ń gbé ilé ró, tí wọ́n gbẹ́ ihò ẹ̀ kí wọ́n tó da kọnkéré sí i, orí ẹ̀ nìkan lojú ń rí. Lọ́dún 1966, iṣẹ́ dúró níbi ilé gogoro John Hancock ní Ṣikágò torí àlàfo wà nínú kọnkéré ọ̀kan lára àwọn òpó ńlá abẹ́ ẹ̀. Irú ẹ̀ máa ń ṣẹlẹ̀ tí wọ́n bá ń fa páìpù irin tí wọ́n fi di ihò mú jáde, tí kọnkéré bá a gòkè, tí iyẹ̀pẹ̀ sì ya wọ àyè ẹ̀. Nígbà yẹn, àfi kéèyàn gbẹ́ inú páìlì wò, tàbí kó gbẹ́rù lé e, owó ńlá ni méjèèjì.

Lọ́dún 1968 ni Paquet, ará Faransé, gbé iṣẹ́ ẹ̀ lórí bí páìlì kọnkéré ṣe ń gbọ̀n jáde, nígbà tó di 1975 Steinbach àti Vey náà gbé tiwọn jáde ní Amẹ́ríkà, lórí bí wọ́n ṣe ń fi ìgbì yẹ òpó abẹ́ ilé wò. Ohun tí gbogbo wọn dì mú ò ju pé tó o bá kan orí páìlì, ìgbì á sáré lọ sísàlẹ̀, ibi tó bá ti bá ìyípadà pàdé, díẹ̀ nínú ẹ̀ á padà wá.

Òun la ṣì ń ṣe títí dòní: hámà kékeré, àti sẹ́ńsọ̀ tí wọ́n lẹ̀ mọ́ orí páìlì tí wọ́n ti ha mọ́ dáadáa, ó kéré tán kọnkéré ti pé ọjọ́ méje.

Ká ní páìlì gùn tó mítà 15, tí ìgbì sì ń sáré mítà 4000 ní sẹ́kọ́ńdù kan, àlọ àtàbọ̀ ẹ̀ jẹ́ mítà 30, ó yẹ kí ti ìdí ẹ̀ padà dé ní mílísẹ́kọ́ńdù 7.5. Bí òkè kékeré kan bá wá yọ ní mílísẹ́kọ́ńdù 3 lórí ìlà tí ẹ̀rọ yà, mítà 6 lọ̀rọ̀ wà. Tó bá yọ sí ẹ̀gbẹ́ kan náà pẹ̀lú ti hámà, páìlì ti tín-ín-rín níbẹ̀ tàbí kọnkéré ẹ̀ ò lágbára, tó bá yọ sódìkejì, ó wú ni. Tí 7.5 bá ṣì hàn, ìgbì ṣì ń kọjá. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ 3, 6, 9 lò ń rí, tí ìdí ò sì hàn rárá, ó jọ pé ó ti já pátápátá, ohun tó wà lábẹ́ ibẹ̀, ẹ̀rọ ò lè sọ ọ́ fún ẹ.

Ibi tó ń mú mi lọ́kàn jù nìyí: páìlì tó wú, nígbà tó bá ń padà sí ìwọ̀n ẹ̀, ìgbì ibẹ̀ á yọ bíi ti ibi tó tín-ín-rín. Èèyàn lè fi ìyẹn dá páìlì tó dáa lẹ́bi. Èmi máa ń kọ́kọ́ béèrè ìwé tí wọ́n kọ iye kọnkéré sí, tí kọnkéré bá ti lọ ju ìwọ̀n ihò lọ lókè ibẹ̀, wíwú ni mo máa ń fura sí kí n tó sọ pé kí wọ́n gbẹ́ ẹ.