Lẹ́tà tí onílé fi ń béèrè ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò rọ́ọ̀dù: nọ́ńbà ìyọ́ ni gbogbo rẹ̀ dúró lé

Ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò rọ́ọ̀dù kì í ti ọwọ́ ẹni tó tà á wá. Ilé-iṣẹ́ tó yọ́ irin ló ń kọ ọ́. Nígbàkígbà tí wọ́n bá yọ́ irin tán nínú iná ìléru, wọ́n á fún ìyọ́ yẹn ní nọ́ńbà tirẹ̀, wọ́n á sì bu díẹ̀ nínú rẹ̀ láti mọ iye kábọ́ọ̀nù àti àwọn èròjà mìíràn tó wà nínú rẹ̀. Tí wọ́n bá ti fi irin náà ṣe ọ̀pá, wọ́n á gé díẹ̀, wọ́n á fi ẹ̀rọ fà á títí yóò fi já, èyí ni àyẹ̀wò ìfàyà. Abẹ́ nọ́ńbà ìyọ́ yẹn ni wọ́n ń kọ gbogbo èsì wọ̀nyí sí, nọ́ńbà yẹn kan náà ló sì máa ń wà lára táàgì tí wọ́n so mọ́ ìdì rọ́ọ̀dù kọ̀ọ̀kan.

Ìdí nìyí tí lẹ́tà tó kàn sọ pé “ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní ìwé ẹ̀rí irin yín” kò fi lè so èso. Oníṣòwò lè fa ìwé kan yọ láti inú fáìlì, ìwé gidi ni, àmọ́ irin mìíràn ló ń sọ̀rọ̀ nípa rẹ̀. Onílé ní láti kọ nọ́ńbà ìyọ́ sínú lẹ́tà fúnra rẹ̀, kó tó di pé ẹnikẹ́ni fún un ní nọ́ńbà.

Nítorí náà, iṣẹ́ lẹ́tà yìí ti bẹ̀rẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ ẹrù bá dé. Kí a ya fọ́tò táàgì gbogbo ìdì kí ẹnikẹ́ni tó gé wáyà rẹ̀, nítorí táàgì ni ohun àkọ́kọ́ tó máa ń sọnù. Tí wọ́n bá ti tú ìdì méjì pọ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ inú ìdì tí ọ̀pá kọ̀ọ̀kan ti wá mọ́. Kí a tún tọ́jú ìwé ẹrù tí awakọ̀ mú wá.

Ká sọ pé wọ́n kó rọ́ọ̀dù oní-mìlímítà 12 àti oní-mìlímítà 16 wá. Lẹ́tà náà lè lọ báyìí:

“Ẹ̀yin oníṣòwò wa,

Ní ọjọ́ 4 oṣù yìí, ẹ kó rọ́ọ̀dù wá sí ibi tí a ti ń kọ́lé, ìwé ẹrù nọ́ńbà 0356. Ohun tí a gbà ni ọ̀pá 90 oní-mìlímítà 12, ìdì mẹ́ta, nọ́ńbà ìyọ́ 4172. Àti ọ̀pá 60 oní-mìlímítà 16, ìdì méjì, nọ́ńbà ìyọ́ 4181. Mítà 12 ni gígùn ọ̀pá kọ̀ọ̀kan. Fọ́tò táàgì márààrún wà pẹ̀lú lẹ́tà yìí.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún wa ní ẹ̀dà ìwé ẹ̀rí àyẹ̀wò láti ilé-iṣẹ́ tó ṣe irin náà, irú 3.1 ti EN 10204, fún nọ́ńbà ìyọ́ méjèèjì, pẹ̀lú èsì ìfàyà fún ìsanra méjèèjì. Ẹ bá wa kọ nọ́ńbà ìwé ẹrù sára ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan, kí ẹ fọwọ́ sí i, kí ẹ sì lu òǹtẹ̀.

Ọjọ́ 18 la fẹ́ da kọnkéré ìpìlẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ìwé náà tẹ̀ wá lọ́wọ́ ó pẹ́ jù ọjọ́ 11. A kò ní tú ìdì kankan títí dìgbà náà. Èyí tí kò bá ní ìwé, kí ẹ wá kó o padà, tàbí kí a jọ yan láàbù tí yóò dán an wò.”

Irú 3.1 tó wà nínú lẹ́tà yẹn kì í ṣe ọ̀ṣọ́. EN 10204 ni ìlànà tó ṣàlàyé irú ìwé ẹ̀rí tó wà. Nínú irú 2.1, ilé-iṣẹ́ kàn ń sọ pé irin bá ohun tí a béèrè mu, láìsí èsì kankan. Irú 2.2 ní èsì, àmọ́ kò di dandan kó jẹ́ ti irin tí a gbà gan-an. Nínú 3.1, èsì irin tí wọ́n tà fúnni ló wà níbẹ̀, ẹni tó sì fọwọ́ sí i nílé-iṣẹ́ náà kì í ṣe ara àwọn tó ń ṣe irin. Lẹ́tà tí oníṣòwò fúnra rẹ̀ tẹ̀, tó ní “irin wa dára”, kò sí nínú èyíkéyìí. Ṣùgbọ́n pé ẹ̀dà ni oníṣòwò fúnni kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, torí ó lè pín ìyọ́ kan tà fún oníbàárà púpọ̀.

Ká wá sọ pé èsì dé. Ìwé 4172 bá táàgì mu. Níbi tí wọ́n ti kọ èsì rọ́ọ̀dù oní-mìlímítà 12, a rí 548 MPa àti 642 MPa. Èyí àkọ́kọ́ ni agbára tí irin máa ń gbà kó tó nà tí kò ní padà sí bó ṣe wà; èkejì ni ibi tó le dé kó tó já. Bí ẹnjiníà bá ya àwòrán ilé lórí B500B, irú rọ́ọ̀dù kan nínú ìlànà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó ń jẹ́ BS 4449, èyí àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ tó 500. Èkejì sì gbọ́dọ̀ fi ó kéré tán ìdá mẹ́jọ nínú ọgọ́rùn-ún ju àkọ́kọ́ lọ, kí irin lè nà kó tó já, kó má kàn ṣẹ́ lójijì. 642 pín sí 548 jẹ́ 1.17, ó kọjá 1.08. Ìyẹn dára.

Ti rọ́ọ̀dù oní-mìlímítà 16 ló yàtọ̀. Ìwé tó dé jẹ́ ti 4118, kì í ṣe 4181. Oníṣòwò lè ní atẹ̀wé ló ṣì í. Ó ṣeé ṣe, ṣùgbọ́n kí a wo àyè ìsanra lórí ìwé náà: bí wọ́n bá kọ 20 síbẹ̀, a jẹ́ pé irin mìíràn ni. Kódà bí nọ́ńbà ìyọ́ bá pé, tí ìsanra kò bá pé, èsì èròjà nìkan la lè gbà. Ìyọ́ kan lè di oríṣiríṣi ìsanra, àmọ́ bí wọ́n ṣe tẹ irin àti bí wọ́n ṣe tù ú yóò yí agbára rẹ̀ padà, nítorí náà ìsanra kọ̀ọ̀kan ló ń ní èsì ìfàyà tirẹ̀.

Ìwé tó pé pàápàá kò sọ bóyá ọ̀pá tó wà nílẹ̀ sanra tó. Gé mítà kan géérégé, kí o gbá ìdọ̀tí ara rẹ̀ kúrò, kí o sì wọ̀n ọ́n. Ìsanra ní mìlímítà, ká fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, ká pín in sí 162, òun ló ń fún wa ní kìlógíráàmù mítà kan. Fún 12, ó jẹ́ bíi gíráàmù 888. BS 4449 gbà kó dín ní 4.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ìyẹn bíi 848. Bí òṣùwọ̀n bá sọ 790, ọ̀pá yẹn kò ju mìlímítà 11.3 lọ, irin inú rẹ̀ sì ti dín ní ìdá mọ́kànlá nínú ọgọ́rùn-ún. Lẹ́tà kejì nìyẹn, kí a sì kọ iye ìwọ̀n sínú rẹ̀.

Fún rọ́ọ̀dù oní-mìlímítà 16 tí ìwé rẹ̀ kò bá táàgì mu, bí oníṣòwò kò bá kó o padà, láàbù ló kù. Kí a gé mítà kan lára ọ̀pá mẹ́ta tó yàtọ̀ síra nínú ìdì, níwájú oníṣòwò tàbí aṣojú rẹ̀, kí a fi ọ̀dà sàmì sí wọn. Ayùn ni kí a fi gé e. Bí a bá fi iná gé e, ooru á ba líle ara òde ọ̀pá jẹ́ níbi tí ó dé. Ọ̀pá tó ti tẹ̀ tí a wá nà padà kò tún yẹ fún àyẹ̀wò yìí, nítorí títẹ̀ àti nínà ti yí i padà kí ẹ̀rọ láàbù tó fọwọ́ kàn án.