Ta ló ń rìn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́?

"Walking to school, the rain started." Ẹni tó bá ka gbólóhùn Gẹ̀ẹ́sì yìí á mọ ohun tí òǹkọ̀wé ní lọ́kàn: ẹnìkan ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, òjò sì bẹ̀rẹ̀ lọ́nà. Ṣùgbọ́n ohun tó wà nínú ìwé yàtọ̀ sí ìyẹn. Òjò ló ń fẹsẹ̀ rìn lọ sí ilé-ẹ̀kọ́ níbẹ̀.

"Walking to school" ni ìṣòro náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọ̀rọ̀-ìṣe wà nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní olùwà. Gírámà Gẹ̀ẹ́sì gbà bẹ́ẹ̀, nítorí pé ó ní ọ̀nà tó ń gbà dí àlàfo náà: ẹni tó bá jẹ́ olùwà nínú olórí awẹ́ gbólóhùn, lẹ́yìn kọ́mà, ni a ó kà sí ẹni tó ń ṣe ìṣe ìṣáájú. Òǹkàwé á gbé ìṣe náà dání, á máa wá ẹni tó ni ín. Nínú "Walking to school, I saw a snake", "I" ló bá pàdé, ọ̀rọ̀ sì já gaara. Nínú gbólóhùn wa, "the rain" ló bá pàdé. Ẹni tó ń rìn gan-an kò sí níbẹ̀ rárá.

Yorùbá kì í sábà fi irú àyè yìí sílẹ̀. "Bí mo ṣe ń lọ sí ilé-ẹ̀kọ́, òjò bẹ̀rẹ̀": "mo" ti wà níbẹ̀ kí òjò tó dé. Nítorí náà, ẹni tó bá ro ọ̀rọ̀ ní Yorùbá kó tó kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì lè má fura pé olùwà ti já bọ́ lọ́nà.

Àtúnṣe tó ń yá àwọn èèyàn lára ni kí wọ́n fi "while" ṣáájú, ṣùgbọ́n "While walking to school, the rain started" kò tíì ní olùwà síbẹ̀. Bí a bá gbé apá náà lọ sẹ́yìn, ó tún burú sí i: "The rain started walking to school." Òjò ti wá bẹ̀rẹ̀ sí í rìn ní gbangba! Èyí tó ń tan ọ̀pọ̀ jẹ ni "Walking to school, my umbrella broke". Wọ́n rí "my", wọ́n rò pé ẹni náà ti yọjú. Agboòrùn ni olùwà. "My" kàn ń sọ ẹni tó ni ín ni.

Ọ̀nà méjì ló ń tún un ṣe. A lè fún apá àkọ́kọ́ ní olùwà tirẹ̀: "While I was walking to school, the rain started." A sì lè fi ẹni tó ń rìn ṣe olùwà lẹ́yìn kọ́mà: "Walking to school, I was caught in the rain."

Àwọn kan wà tí òfin yìí kì í mú. Nínú "Judging by the clouds, it will rain", kò sẹ́ni tó ń bi pé ta ló ń wo sánmà. Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ni, lílò sì ti sọ "judging by" di ohun tó súnmọ́ "gẹ́gẹ́ bí". "Considering" náà rí bẹ́ẹ̀. "Walking" kò tíì rí irú àyè bẹ́ẹ̀ gbà.