Wíwọn sọ́fétì nípa báríọ̀mù sọ́fétì

Wíwọn sọ́fétì nípa báríọ̀mù sọ́fétì jẹ́ ọ̀nà kan tí àwọn onímọ̀ kẹ́mísírì ń gbà mọ iye sọ́fétì tó wà nínú omi, iyọ̀, ajílẹ̀ tàbí àlùmọ́ọ́nì. Wọ́n á yo nǹkan náà sínú omi, wọ́n á da báríọ̀mù kílóráìdì sí i, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ funfun á sì rọ̀ sísàlẹ̀:

Ba²⁺ + SO₄²⁻ → BaSO₄

Wọ́n á sẹ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ náà, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sun ún, wọ́n á wá gbé e sórí òṣùwọ̀n. Bí a bá fi 0.4116 sọ ìwọ̀n rẹ̀ di púpọ̀, a ó rí iye sọ́fétì. Bó bá jẹ́ imí-ọjọ́ nìkan là ń wá, 0.1374 la ó lò.

Ohun tó mú kí ọ̀nà yìí ṣeé gbára lé ni pé omi kò fẹ́rẹ̀ẹ́ lè yo BaSO₄. Lítà kan omi tí kò gbóná kì í gbà ju nǹkan bíi mílígíráàmù 2.5 lọ. Ohun tó ń ba iṣẹ́ náà jẹ́ yàtọ̀ sí èyí: BaSO₄ kì í dá rìn. Bó ti ń rọlẹ̀ ló ń kó àwọn iyọ̀ mìíràn mọ́ra, àwọn kan á sọ èsì di púpọ̀ ju bó ṣe yẹ, àwọn kan á sì dín in kù.

Ìmúra àti ìrọ̀lẹ̀

Ká ní a fi 0.2841 gíráàmù sódíọ̀mù sọ́fétì tó gbẹ dáadáa bẹ̀rẹ̀. Mílímóòlù 2 ni èyí, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó sì yẹ ká rí níkẹyìn jẹ́ mílígíráàmù 466.8. A ó yo iyọ̀ náà sínú omi tó tó mílílítà 250, a ó sì fi nǹkan bíi mílílítà 1 ásíìdì háídírókílórííkì tó le sí i. Ásíìdì yìí ni kì í jẹ́ kí báríọ̀mù bá kábónéètì tàbí fọ́sífétì rọlẹ̀. Ó tún ń mú kí BaSO₄ yòrò díẹ̀ sí i ju bó ti máa ń ṣe lọ, èyí tó ń jẹ́ kí horo rẹ̀ tóbi. Àmọ́ bí ásíìdì bá pọ̀ jù, apá kan sọ́fétì á di HSO₄⁻, kò sì ní rọlẹ̀ mọ́.

A ó gbé omi náà kaná títí yóò fi kù díẹ̀ kó hó. Nínú ìkòkò mìíràn la ti máa gbóná báríọ̀mù kílóráìdì, gíráàmù 5 nínú mílílítà 100 omi. Mílílítà 11 rẹ̀ tó fún àpẹẹrẹ yìí, yóò sì ṣẹ́kù díẹ̀. Ẹ̀kán ẹ̀kán la ń fi í sí i, tí a sì ń fi ọ̀pá gíláàsì rò ó láìdúró. Onímọ̀ kẹ́mísírì Von Weimarn ló ṣàlàyé ohun tó wà lẹ́yìn ìlọ́ra yìí: bí iye tó wà nínú omi bá ṣe ju iye tí omi lè yo lọ tó, bẹ́ẹ̀ ni horo ṣe máa ń pọ̀ tó, tí wọ́n á sì kéré. Bí a bá dà á lù ú lẹ́ẹ̀kan náà, ẹgbàágbèje horo tíntìnnì ló máa yọ, bébà ìsẹ́ kò sì ní lè dá wọn dúró.

Lẹ́yìn náà, a ó jẹ́ kí ó silẹ̀, a ó sì jẹ́ kí ẹ̀kán báríọ̀mù kílóráìdì méjì tàbí mẹ́ta ṣàn gba ara bíkà wọ inú omi tó mọ́ lókè. Bí ìkùukùu bá hàn níbi tó ti wọlé, sọ́fétì ṣì kù. Báríọ̀mù tó ṣẹ́kù nínú omi kì í ṣe òfò: òun ló ń mú kí BaSO₄ tó máa wà ní yíyòrò nínú omi náà kéré sí ìdá kan nínú mẹ́wàá mílígíráàmù.

Mímú gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ gbó

Gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rọlẹ̀ kò tíì ṣeé sẹ́. A ó fi àwo gíláàsì bo bíkà, a ó sì fi í sórí ooru tí kò ní jẹ́ kó hó, fún wákàtí kan tàbí méjì, tàbí kó di ọjọ́ kejì. Láàárín àkókò yìí, àwọn horo tó kéré jù ń yòrò padà, ohun tó jáde lára wọn á sì lẹ̀ mọ́ àwọn tó tóbi. Àwọn horo tó fi ìkánjú dàgbà náà ń tún ara wọn tò, wọ́n sì ń tú díẹ̀ sílẹ̀ nínú àwọn àjèjì tí wọ́n há mọ́ra. Onímọ̀ kẹ́mísírì Kolthoff wà lára àwọn tó fara balẹ̀ wo ìgbó yìí jù ní ọ̀rúndún ogún.

Ojú lásán tó láti mọ ìgbà tó gbó. Omi òkè á mọ́ gaara, bí a bá sì rò ó, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ á tètè padà sísàlẹ̀. Bí omi bá ṣì rí ràkọ̀ràkọ̀, ó yẹ ká dúró sí i. Síbẹ̀, a kò gbọ́dọ̀ retí ohun tó pọ̀ jù látọ̀dọ̀ ìgbó. Nítorí pé BaSO₄ kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ yòrò, àtúntò inú rẹ̀ lọ́ra, ohun tó sì ti há sí àárín horo ńlá sábà máa ń wà níbẹ̀.

Sísẹ́ àti sísun

Bébà ìsẹ́ tí kì í fi eérú sílẹ̀, irú èyí tí ihò rẹ̀ kéré jù, ni wọ́n sábà ń lò. Omi òkè la kọ́kọ́ ń dà gba inú rẹ̀, kí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó tẹ̀ lé e, a ó sì fi omi gbígbóná fọ̀ ọ́ díẹ̀díẹ̀, títí tí omi ìfọ̀ kò fi ní rú funfun mọ́ bí a bá kán fàdákà náítíréètì sí i.

Ìsun gba sùúrù. A ó ṣẹ́ bébà pọ̀ mọ́ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ inú rẹ̀, a ó fi í sínú kúrúsíbù tí a ti sun tẹ́lẹ̀ tí a sì ti wọ̀n, a ó gbẹ ẹ́ lórí iná díẹ̀, lẹ́yìn náà a ó jẹ́ kí bébà di èédú láìgbiná. Bó bá gbiná, afẹ́fẹ́ ọwọ́ iná lè gbé ìyẹ̀fun funfun náà lọ. A máa ń fi kúrúsíbù dùbúlẹ̀ díẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè wọlé, kí èédú sì jó tán, ká tó gbé ooru rẹ̀ lọ sí 800 sí 900 °C. Ẹni tó bá gbé ooru sókè nígbà tí èédú ṣì wà níbẹ̀ yóò sọ apá kan BaSO₄ di báríọ̀mù sọ́fáìdì:

BaSO₄ + 4C → BaS + 4CO

BaS fúyẹ́ ju BaSO₄ lọ, nítorí náà èsì á dín. Bí a bá kán ásíìdì sí i, òórùn ẹyin jíjẹrà á tú u fó. Àtúnṣe rẹ̀ kò le: a ó jẹ́ kó tutù, a ó fi ẹ̀kán ásíìdì imí-ọjọ́ tó le kan tàbí méjì sí i, a ó gbóná rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí èéfín rẹ̀ fi máa tán, a ó sì tún un sun. Bí wíwọ̀n méjì tó tẹ̀ léra kò bá yàtọ̀ síra ju mílígíráàmù 0.3 lọ, iṣẹ́ parí.

Àwọn àjèjì tó ń bá a rọlẹ̀

Ibí ni àṣìṣe tó tóbi jù ti ń wá, àpẹẹrẹ tí a ti mú sì fi í hàn dáadáa. Bí a bá ń kán báríọ̀mù sínú sọ́fétì, sọ́fétì ló pọ̀ nínú omi fún ọ̀pọ̀ àkókò. Ara horo á kó sọ́fétì mọ́ra, sọ́fétì yìí náà á sì fa áyọ́ọ̀nù onípọ́sítíìfù mọ́ra: sódíọ̀mù, pòtásíọ̀mù, amóníọ̀mù, kálísíọ̀mù tàbí irin. Nígbà tí horo bá dàgbà bò wọ́n, wọ́n há nìyẹn.

Ká ní ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún sọ́fétì wa rọlẹ̀ gẹ́gẹ́ bíi Na₂SO₄ dípò BaSO₄. Mílígíráàmù 462.1 ni BaSO₄ tó kù, Na₂SO₄ á sì fi 2.8 kún un, àpapọ̀ rẹ̀ nǹkan bí 465.0. Mílígíráàmù 1.8 ló dín, ìyẹn nǹkan bí 0.4 nínú ọgọ́rùn-ún. Bó bá jẹ́ amóníọ̀mù ló há síbẹ̀, ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí iná á gbé amóníọ̀mù àti sọ́fétì rẹ̀ lọ pátá: mílígíráàmù 4.7 la máa pàdánù. Irin náà ń ṣe bákan náà. Sọ́fétì rẹ̀ á tú nínú iná, ohun tó sì ṣẹ́kù á jẹ́ ìpatà irin, tó ń sọ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ di pípọ́n díẹ̀. Àwọ̀ yẹn ni àmì tó dájú jù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi máa ń fi amóníà yọ irin kúrò kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀tá kejì wá láti apá òdì kejì. Bí báríọ̀mù bá pọ̀ lára horo, kílóráìdì àti náítíréètì ló máa fà mọ́ra. Níhìn-ín kò sí sọ́fétì tó sọnù. Iyọ̀ báríọ̀mù tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ ló kún un. Bó bá jẹ́ mílímóòlù 0.02 BaCl₂ ló wọlé, mílígíráàmù 4.2 ló máa ju bó ṣe yẹ lọ, nǹkan bí 0.9 nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹ̀kán ásíìdì imí-ọjọ́ tí a fi ń tún BaS ṣe tilẹ̀ máa ń sọ BaCl₂ yìí di BaSO₄, tí àfikún á sì di 4.7. Náítíréètì ló ṣòroó lé jù nínú àwọn áyọ́ọ̀nù wọ̀nyí, nítorí náà wọ́n ń fi ásíìdì háídírókílórííkì gbẹ omi rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta ṣáájú, kó lè tú kúrò.

Nítorí pé àṣìṣe méjèèjì dojú kọ ara wọn, wọ́n lè fagi lé ara wọn. Èsì á tọ́, gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ kò sì mọ́. Ẹni tó bá rí iye tó tọ́ nínú omi kan kò lè fi ìyẹn ṣe ẹ̀rí fún omi mìíràn tí iyọ̀ inú rẹ̀ yàtọ̀. Àyẹ̀wò tó bójú mu ni kí a mú iye pòtásíọ̀mù sọ́fétì tí a mọ̀, ká fi irú àwọn iyọ̀ tó wà nínú nǹkan tí à ń wọ̀n sí i, ká sì mú un gba gbogbo ìgbésẹ̀ náà. A kò lè yo gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ pẹ̀lú ásíìdì ká tún un rọ̀ lẹ́ẹ̀kejì bí a ti ń ṣe fún ọ̀pọ̀ gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ mìíràn, nítorí ásíìdì tó ṣàn kì í yo ó. EDTA, kẹ́míkà kan tó ń di báríọ̀mù mú, lè yo ó nínú amóníà, àmọ́ iṣẹ́ àfikún ni. Ohun tó ṣe déédéé jù ni omi púpọ̀, ìkán lọ́ra, àti ìgbó.

Òpin agbára ọ̀nà yìí

Omi tí sọ́fétì inú rẹ̀ kéré kì í bá a mu. Mílílítà 250 omi tó ní mílígíráàmù 10 sọ́fétì nínú lítà kan á fún wa ní gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ tó jẹ́ mílígíráàmù 6 péré. Àṣìṣe 0.3 tí a gbà láyè níbi wíwọ̀n jẹ́ ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀. Nínú irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀, wọ́n á kọ́kọ́ gbẹ omi náà kù, tàbí kí wọ́n lo ọ̀nà mìíràn tó ń wo bí omi ṣe rú.