Ìsinmi Àìgbowó: Bí Owó Wákàtí Ṣe Ń Di Owó Ọdún

Ọmọ àbúrò mi kan mú ìwé àdéhùn iṣẹ́ wá bá mi ní ilé mi ní Ẹ̀pẹ́, nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ibi kan tí wọ́n ti ń ṣa ẹja, tí wọ́n sì ń dì í sínú yìnyín. Ẹnì kan ti bá wọn túmọ̀ ìwé náà sí Yorùbá, mo sì dúpẹ́ fún èrò náà kí n tó kà á. Ìlà kan sọ pé ₦650 ni wákàtí kan. Ìlà kejì sọ̀rọ̀ nípa “owó oṣù ọdọọdún”. Ìlà kẹta ni ó mú mi bọ́ awò ojú mi sílẹ̀: “Ìsinmi aláìsanwó: ogún ọjọ́.” Ọmọ náà rẹ́rìn-ín músẹ́, ó ní, “Bàbá, wọ́n tiẹ̀ tún fún wa ní ìsinmi ogún ọjọ́ tí a kò ní san kọ́bọ̀ lé lórí.”

N kò lè bá a wí. Bí èdè wa ṣe ní kí ó kà á náà ni ó kà á. Nínú ọkọ̀ dánfó tí ó ń ti Ẹ̀pẹ́ lọ sí Ìkòròdú, ta ni aláìsanwó? Ẹni tí ó wọkọ̀ tí kò tíì fún kọ́ńdọ́ lówó ni. Nígbà náà, bí a bá pe ìsinmi ní aláìsanwó, ohun tí etí Yorùbá yóò gbọ́ ni ìsinmi tí ẹni tí ń sinmi kò sanwó fún. Àwọn kan sì tún wà tí wọ́n ń kọ “ìsinmi ọ̀fẹ́”, èyí tí ó burú ju ti àkọ́kọ́ lọ, nítorí pé ẹ̀bùn ni ọ̀fẹ́ ń jẹ́ létí gbogbo ènìyàn, nígbà tí ó jẹ́ pé àpò òṣìṣẹ́ gan-an ni wọ́n ti ń yọ owó ìsinmi yìí. Kí wọ́n tilẹ̀ kọ “lìífù láìsí péè” sàn fún mi jù wọ́n lọ. Kò dùn-ún gbọ́, ṣùgbọ́n kò sí òṣìṣẹ́ tí yóò rò pé èrè ni.

Ìsinmi àìgbowó ni èmi ń pè é, ìdí rẹ̀ kò sì jìn. Ọwọ́ agbanisíṣẹ́ ni sísan wà, ọwọ́ òṣìṣẹ́ ni gbígbà wà. Níwọ̀n ìgbà tí ó jẹ́ pé òṣìṣẹ́ ni ó ń sinmi, ọ̀rọ̀ ìṣe tirẹ̀ ni ó yẹ kí a fi sọ ìsinmi náà lórúkọ: ó sinmi, kò gbowó. Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní Yorùbá ní Ìkòròdú kò fara mọ́ ọn. Ó ní bí ènìyàn bá gbọ́ “àìgbowó”, ọlọ́pàá tí kì í gba àbẹ̀tẹ́lẹ̀ ni yóò wá sí i lọ́kàn. Mo bi í léèrè ohun tí òun fúnra rẹ̀ máa ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ ní ìparí oṣù. Ó ní “Mo ti gbowó” ni. Mo ní ó tán nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìwé ọmọ náà ṣe ìṣirò, nítorí pé iye tí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lè ná ènìyàn yóò hàn níbẹ̀. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n ń wọlé, aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń jáde, láti Ọjọ́ Ajé títí di Ọjọ́ Ẹtì. Wákàtí mẹ́sàn-án nìyẹn lójú, ṣùgbọ́n wọn kì í sanwó fún wákàtí oúnjẹ ọ̀sán, nítorí náà mẹ́jọ ni ó ń gbowó lé lórí. Wákàtí mẹ́jọ lọ́nà ọjọ́ márùn-ún jẹ́ 40 lọ́sẹ̀, 40 lọ́nà ₦650 sì jẹ́ ₦26,000. Ọ̀sẹ̀ 52 ni ó wà nínú ọdún (ẹni tí ó bá fẹ́ jà nítorí ọjọ́ kan tí ó ṣẹ́ kù kí ó wá ẹlòmíràn bá jà), nítorí náà wákàtí 2,080 ni ó wà nínú ọdún iṣẹ́ tí kò sí ìsinmi àìgbowó kankan nínú rẹ̀. Owó rẹ̀ jẹ́ ₦1,352,000. Bí a bá pín in sí ọ̀nà méjìlá, ₦112,666 àti kọ́bọ̀ díẹ̀ ni yóò bọ́ sí oṣù kan.

Iye tí ọmọ náà ti fi sọ́kàn nìyẹn. Ó tilẹ̀ ti ṣèlérí àjọ lé e lórí.

Ṣùgbọ́n ogún ọjọ́ wà níbẹ̀ tí kò ní gbowó. Mo ní kí ó bi wọ́n léèrè àwọn ọjọ́ náà, ó sì mú ìdáhùn wá: ọjọ́ mẹ́wàá ni wọ́n ń ti ìlẹ̀kùn ní ìparí ọdún, Kérésì àti ọdún tuntun sì wà nínú rẹ̀. Ọjọ́ Ẹtì àti Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, ọjọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ní oṣù Karùn-ún, ọjọ́ kejìlá oṣù Kẹfà, àti ọjọ́ òmìnira jẹ́ márùn-ún. Ọjọ́ méjì ìtúnu ààwẹ̀, ọjọ́ méjì Iléyá àti ọjọ́ kan Máólúdì jẹ́ márùn-ún mìíràn. Ogún ọjọ́ lọ́nà wákàtí mẹ́jọ jẹ́ wákàtí 160. A ó yọ ọ́ kúrò nínú 2,080 kí a tó fi owó wákàtí sọ ọ́ di púpọ̀, a ó wá pín in:

```
(2080 − 160) × 650 = 1,248,000
1,248,000 ÷ 12 = 104,000
```

₦104,000 ni ogún ọjọ́ náà gbé lọ nínú ọdún, gẹ́gẹ́ bí owó oṣù kan odindi.

Ẹni tí ó bá ti ta ẹja yíyan rí ní Ẹ̀pẹ́ ti mọ ìṣirò yìí láìjẹ́ pé ó kà á nínú ìwé. Obìnrin tí ó ra agbọ̀n ẹja àrọ̀ kan ní tútù mọ̀ pé lẹ́yìn tí iná bá jó o fún òru kan àti ọ̀sán kan, ẹja náà yóò fúyẹ́. Kò sí ẹni tí ó jí i. Omi ni ó gbẹ, omi náà kò sì fìgbà kan jẹ́ ohun tí yóò tà. Bí ó bá fi ìwúwo tútù ṣe ìṣirò èrè ẹja yíyan, gbèsè ni yóò fi ṣí agbọ̀n. ₦1,352,000 ni ẹja tútù. ₦1,248,000 ni ó kù lórí àwọ̀n ìyanja.

Ohun kan wà níbí tí ó máa ń tan ènìyàn jẹ. Ọ̀pọ̀ nínú wa kì í lo ọ̀sẹ̀ 52 rárá. Owó ọ̀sẹ̀ lọ́nà mẹ́rin ni a ń pè ní owó oṣù, pẹ̀lú àlàyé pé oṣù jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. ₦26,000 lọ́nà mẹ́rin jẹ́ ₦104,000, iye kan náà gan-an tí a rí lẹ́yìn tí a yọ ìsinmi. Àwọn tí ń ṣe é bẹ́ẹ̀ yóò wá máa yangàn pé àwọn kò ṣì í. Wọ́n ṣì í. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lọ́nà oṣù méjìlá jẹ́ 48, ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sì ti sọnù láìsí ẹni tí ó mọ ibi tí ó wọlé sí. Ogún ọjọ́ tí ilé iṣẹ́ yìí kò sanwó fún jẹ́ ọ̀sẹ̀ mẹ́rin géérégé, àṣìṣe náà sì bọ́ sórí òótọ́. Bí ilé iṣẹ́ mìíràn bá ń sanwó gbogbo ìsinmi, òṣìṣẹ́ tí ń lo mẹ́rin ti fojú kéré owó ara rẹ̀ pẹ̀lú ₦104,000 lọ́dún. Bí wọ́n bá sì ń tì fún ọgbọ̀n ọjọ́, ó ti fojú tóbi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin àti ìdámẹ́ta ni ó wà nínú oṣù kan, èyí ni kí á fi bẹ̀rẹ̀, kí á sì yọ ìsinmi lójú ara wa.

Mo padà sí ọ̀rọ̀. “Owó oṣù ọdọọdún” kò yé mi. Oṣù ni àbí ọdún? Owó ọdún ni kí a pe ti ọdún. Ti oṣù tí a rí nípa pípín, ìdáméjìlá ni mo ń pè é, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé “ìpíndọ́gba” ni wọ́n ń pè é lórí rédíò. N kò lòdì sí ìpíndọ́gba nínú yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́, ṣùgbọ́n bí òṣìṣẹ́ bá gbọ́ “dọ́gba”, yóò rò pé oṣù kọ̀ọ̀kan yóò dọ́gba, bẹ́ẹ̀ sì kọ́ ni owó wákàtí ń rí. Bí a bá fi ìṣètò ilé iṣẹ́ yìí wo ọdún 2025, ọjọ́ iṣẹ́ 21 ni ó wà ní oṣù Kẹfà. Iléyá gba ọjọ́ kẹfà àti ọjọ́ kẹsàn-án, ọjọ́ ìjọba tiwa-n-tiwa gba ọjọ́ kejìlá, ó ku 18, owó rẹ̀ sì jẹ́ ₦93,600. Oṣù Keje ní ọjọ́ iṣẹ́ 23 láìsí ìsinmi kan nínú ìṣètò wọn, ó jẹ́ ₦119,600. Ní oṣù Kejìlá, bí wọ́n bá ti ìlẹ̀kùn láti ọjọ́ kejìlélógún, ọjọ́ 15 péré ni yóò ṣiṣẹ́, ₦78,000 sì ni yóò mú relé sínú oṣù tí ìnáwó pọ̀ jù. Kò sí èyí tí ó jẹ́ ₦104,000 nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ìdáméjìlá wúlò láti fi iṣẹ́ kan wé èkejì, àti láti mọ̀ bóyá owó ilé ọdún kan yóò ṣe é san. Ẹni tí yóò dá àjọ oṣooṣù, oṣù Kejìlá ni kí ó fi wọ̀n ọ́n.

Ó ku ohun kan tí ìwé náà kò sọ. Òfin Iṣẹ́ ilẹ̀ Nàìjíríà, ní ìpín kejìdínlógún, sọ pé òṣìṣẹ́ tí ó bá ti ṣiṣẹ́ fún oṣù méjìlá láìdá a dúró ní ẹ̀tọ́ sí ìsinmi ọjọ́ iṣẹ́ mẹ́fà, ó kéré tán, pẹ̀lú owó rẹ̀ pé. Bí wọ́n bá ka mẹ́fà yìí mọ́ ọjọ́ tí wọ́n ń tìlẹ̀kùn, ọjọ́ àìgbowó rẹ̀ yóò di mẹ́rìnlá láti ọdún kejì. Wákàtí 48 ni yóò padà wọlé, ₦31,200, owó ọdún yóò sì di ₦1,279,200, tí ìdáméjìlá rẹ̀ jẹ́ ₦106,600. N kò tíì fọwọ́ kan owó orí àti owó ìfẹ̀yìntì níbí o.

Mo ní kí ó padà lọ bi wọ́n bóyá ọjọ́ mẹ́fà náà wà nínú ogún ọjọ́ tàbí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Akọ̀wé wọn yẹ ìwé náà wò lójú rẹ̀, ó ní kí ó má ṣèyọnu, gbogbo rẹ̀ ti wà nínú owó oṣù ọdọọdún.