Bí a ṣe ń yọ àtẹ nọ́ńbà jáde nínú ìwé ìwádìí àtijọ́ tí wọ́n síkáànì

Ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń ṣe máásítà wọlé wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù mi ní Láàgéré lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó ní fáìlì PDF kan lórí fóònù rẹ̀. Ìwé ìwádìí olójú ewé 16 ni, ó dá lórí àwọn àgbẹ̀ tó ń gbin kòkó ní agbègbè Ifẹ̀. Táípúráítà ni wọ́n fi tẹ̀ ẹ́, nígbà tí ilé ẹ̀kọ́ gíga tó wà lókè yìí ṣì ń jẹ́ Yunifásítì Ifẹ̀, kí wọ́n tó sọ ọ́ ní orúkọ Awólọ́wọ̀ lọ́dún 1987.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, àtẹ tó wà lójú ewé kẹsàn-án yìí ni mo fẹ́ nínú Excel. Mo kọ́pì í kọ́pì í, kò gbà."

Kò lè gbà. Lójú tiwa, lẹ́tà àti nọ́ńbà ló wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n lójú kọ̀ǹpútà, fọ́tò ojú ewé ni, bí ìgbà tí èèyàn ya àwòrán pátákó tó wà lẹ́bàá títì. Ẹ fi máòsì fa ìlà kan nínú fáìlì yín wò. Bí gbogbo ojú ewé bá dúdú lẹ́ẹ̀kan náà, tàbí tí nǹkan kan kò mì, àwòrán ni. Irú kejì wà tó le jù: máòsì á mú ọ̀rọ̀ ọ̀hún, àmọ́ tí ẹ bá lẹ̀ ẹ́ sínú Word, wúruwùru ló máa jáde. Ẹnì kan ti fi sọ́fítíwíà kà á rí, kò sì kà á dáadáa, ó wá fi ìkàkukà yẹn pamọ́ sẹ́yìn àwòrán. Ẹ má gbára lé e. Ẹ ṣe é bíi pé àwòrán lásán ni.

Tesseract ni mo máa ń lò láti ka irú àwòrán bẹ́ẹ̀. Ọ̀fẹ́ ni, kò sì nílò dátà tí ẹ bá ti fi sórí kọ̀ǹpútà tán. Àṣẹ méjì ló tó: èkíní, tó wá láti inú sọ́fítíwíà Poppler, sọ ojú ewé 9 di àwòrán, èkejì, ti Tesseract, kà á.

```
pdftoppm -r 300 -png -f 9 -l 9 iwe.pdf oju
tesseract oju-09.png oju9 -l eng+yor
```

300 yẹn ni iye àmì tóótòòtó tó máa wà nínú ínǹṣì kan. Tí wọ́n bá ti síkáànì ìwé náà ní 100 láti ìbẹ̀rẹ̀, 300 tí ẹ kọ kò lè dá ohun tó ti sọnù padà. Ó sàn kí ẹ wá ojúlówó ìwé náà lọ sí ilé ìkàwé kí wọ́n tún un síkáànì. `yor` tó wà lẹ́yìn `eng`, ìyẹn fáìlì èdè Yorùbá tí ẹ máa fi kún Tesseract, ṣe pàtàkì fún ìwé ilẹ̀ yìí. Láìsí i, "ọ" á di "o" tàbí "9", orúkọ abúlé á sì bàjẹ́. Síbẹ̀, bíírò ni ọ̀pọ̀ òǹkọ̀wé ayé ìgbà yẹn fi ń ta àmì sábẹ́ lẹ́tà lẹ́yìn tí wọ́n bá tẹ̀ ẹ́ tán, nítorí náà ẹ fi ojú ara yín wo gbogbo orúkọ.

Ọ̀rọ̀ inú ìwé rẹ̀ jáde dáadáa. Àtẹ ọ̀hún ló yọ wá lẹ́nu, ó sì nídìí. Tí sọ́fítíwíà bá rí ọ̀rọ̀ tí ojú rẹ̀ ti parẹ́ díẹ̀, àwọn ọ̀rọ̀ tó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀ máa ń ràn án lọ́wọ́ láti mọ èyí tó jẹ́. Kò sí ẹni tó lè ràn án lọ́wọ́ lórí nọ́ńbà. 183 àti 133, nọ́ńbà gidi ni méjèèjì, kò sì sí ohun tó máa fi hàn wá lójú pé ọ̀kan ti ṣì.

Nítorí náà, n kì í fún un ní odindi àtẹ. Mo máa ń gé òpó kọ̀ọ̀kan sọ́tọ̀ bí àwòrán, kí n tó ní kó kà á, nọ́ńbà nìkan ni mo sì máa ń gbà á láyè láti rí:

```
tesseract opo3.png opo3 --psm 6 -c tessedit_char_whitelist=0123456789.-
```

Ẹ gé e kó wọ inú díẹ̀, kó má kan ìlà tó dúró láàárín òpó méjì. Nígbà tí a ti ní nọ́ńbà nìkan ni kó rí, ìlà yẹn á di 1 lọ́wọ́ rẹ̀, 38.2 á sì di 138.2. Lẹ́yìn náà, ẹ ka iye nọ́ńbà tó jáde. Àtẹ ọmọbìnrin yìí ní ìlà mẹ́rin àti àpapọ̀ nísàlẹ̀, ó yẹ kí òpó kọ̀ọ̀kan tó ní àpapọ̀ mú nọ́ńbà márùn-ún jáde. Òpó kan nínú wọn mú mẹ́rin wá. Àyè òfìfo kan wà ní ìlà kejì rẹ̀, sọ́fítíwíà fò ó, gbogbo ohun tó wà nísàlẹ̀ sì gòkè ní ìlà kan. Ká ní a lẹ̀ ẹ́ sínú Excel bẹ́ẹ̀, nọ́ńbà ìlà kẹta ni à bá máa pè ní ti ìlà kejì.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ dúró sí dáadáa nìyí: àpapọ̀ tí òǹkọ̀wé fúnra rẹ̀ tẹ̀ sísàlẹ̀ òpó. Òun lẹ́rìí wa. Ẹ ro ohun tí sọ́fítíwíà kà pọ̀, kí ẹ fi wé e. Òpó àpò kòkó jáde báyìí: 214, 133, 96, 58. Àròpọ̀ rẹ̀ jẹ́ 501, ṣùgbọ́n 551 ni òǹkọ̀wé tẹ̀. 50 ló fi dín. 3 àti 8 jọra lójú táípúráítà tí ríbọ́ọ̀nù rẹ̀ ti gbó, márùn-ún ló sì wà láàárín wọn. Tí ìyàtọ̀ bá ti jẹ́ 5, 50 tàbí 500, 3 tó yẹ kó jẹ́ 8, tàbí 8 tó yẹ kó jẹ́ 3, ni mo máa ń kọ́kọ́ wá. Níbí, 50 ń tọ́ka sí ipò ẹ̀wá. A fẹ àwòrán náà lójú, 183 ló wà níbẹ̀.

Òpó ìdá ọgọ́rùn-ún ní tirẹ̀ jáde bíi 41.6, 38.2, 127, 7.5. Ó jẹ́ 214.3, nígbà tó yẹ kó jẹ́ 100.0. Ó fi 114.3 lé. Tí póìǹtì bá bọ́ lára nọ́ńbà tó ní ẹyọ kan ṣoṣo lẹ́yìn póìǹtì, nọ́ńbà yẹn á di ìlọ́po mẹ́wàá ara rẹ̀, ohun tó fi lé á sì jẹ́ ìlọ́po mẹ́sàn-án. Ẹ pín 114.3 sí mẹ́sàn-án: 12.7. Nọ́ńbà gan-an nìyẹn, òun ló di 127 nígbà tó sọ póìǹtì rẹ̀ nù.

Àṣìṣe méjì lè bo ara wọn mọ́lẹ̀ nínú òpó kan: 3 kan di 8, 8 kan di 3 ní ipò kan náà, àpapọ̀ á sì pé. Tí àtẹ bá ní àpapọ̀ ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún pẹ̀lú, ẹ ro ìlà kọ̀ọ̀kan pọ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, á hàn níbẹ̀. Tí kò bá ní, kò sí ọgbọ́n mìíràn ju kí ẹnì kan máa pe nọ́ńbà látinú àwòrán, kí ẹnì kejì máa fi ìka tọ̀ ọ́ lórí kọ̀ǹpútà. Bẹ́ẹ̀ la ṣe òpó kan tí kò ní àpapọ̀ rárá. Ó ń pè é, mò ń wò ó.

Òpó tó kẹ́yìn ló gbà wá lákòókò jù. 120, 98, 71, 36 jẹ́ 325, ṣùgbọ́n 326 ló wà lórí ìwé. A fẹ àwòrán náà lójú títí, gbogbo nọ́ńbà náà mọ́ kedere. Òǹkọ̀wé ló ṣì í rò, tàbí ẹni tó bá a tẹ̀ ẹ́. Ọmọbìnrin náà fẹ́ sọ ọ́ di 325, mo ní kó fi sílẹ̀. Ó tẹ 326 bó ṣe wà, ó sì kọ ọ́ sábẹ́ àtẹ náà pé 325 ni àwọn nọ́ńbà tó wà lókè jẹ́.