Bí ìlà gbèsè ṣe wọ ìwé owó ọlọ́kọ̀

Lálẹ́, ní Nyanya tàbí Mararaba, dírẹ́bà á páàkì, á yọ owó epo àárọ̀ ọ̀la sápò, á wá ka owó ọlọ́kọ̀ sọ́tọ̀. Dẹ̀lífà ni àwọn Yorùbá tó ń wakọ̀ ní Àbújá ń pè é. Hausa tó bá páàkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn á ní balas ni. Ọjà ìbáà dùn, ọjà ìbáà korò, iye kan náà ni wọ́n ti jọ sọ.

Kì í ṣe gbogbo iṣẹ́ ọkọ̀ ló gba irú àdéhùn yìí. Ọkọ̀ akẹ́rù tó ń ti Ìbàdàn lọ Kano, ìrìn àjò kan ni olówó rẹ̀ ń ṣírò: ẹrù mélòó ló gbé lọ, kí ló kó bọ̀, èló ni epo mu. Ọkọ̀ inú ìgboro ò ṣeé ṣírò bẹ́ẹ̀. Èrò ń bọ́ sílẹ̀, èrò ń wọlé, kò sí tíkẹ́ẹ̀tì, kò sì sí bí ẹni tí kò jókòó sínú ọkọ̀ náà ṣe lè mọ iye tó wọlé. Ìdí nìyẹn tí olówó fi sọ pé: mú iye báyìí wá fún mi lójúmọ́, ohun tó bá lé, tìrẹ ni.

Àbújá gan-an ló bá àdéhùn yìí mu. Lọ́jọ́ 12 oṣù Kejìlá ọdún 1991 ni ìjọba àpapọ̀ kó wá síbẹ̀ láti Èkó. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ ń sùn ní Nyanya, Karu àti Kubwa, wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ láàárín ìlú, nítorí náà àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ ni owó máa ń wọlé jù. Olówó ọkọ̀ tí òun náà jẹ́ òṣìṣẹ́ ìjọba ti wà ní ọ́fíìsì tàbí lójú ọ̀nà lásìkò náà. Ìwé nìkan ni ojú rẹ̀.

Irú ìwé wo wá ni? Èyí tó sún mọ́ Yorùbá jù ni káàdì alájọ: ojú ilé 31 fún oṣù kan, máàkì kan fún ọjọ́ kan, ilé kan sì jẹ́ owó iṣẹ́ alájọ. Títí di òní, ẹ ṣì lè rí ìwé owó ọkọ̀ tí wọ́n fi rúlà pín báyẹn, ọjọ́ lápá òsì, máàkì lápá ọ̀tún. Ó mọ́ lójú, àmọ́ ibẹ̀ ni ìjà ti ń bẹ̀rẹ̀.

Oníbàárà alájọ kò jẹ ẹnikẹ́ni ní gbèsè. Bí kò bá dá owó lónìí, owó tirẹ̀ ló dín. Ilé tó ṣófo kò nílò àlàyé. Ilé tó ṣófo nínú ìwé ọkọ̀ yàtọ̀. Ó lè jẹ́ pé dírẹ́bà ò mú owó wá. Ó lè jẹ́ pé ọkọ̀ bàjẹ́. Ó lè jẹ́ ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Ó sì lè jẹ́ pé àwọn Ródì Séfítì mú ọkọ̀ nítorí ìwé tí olówó fúnra rẹ̀ kò tún ṣe. Ọ̀kan péré nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí ni gbèsè dírẹ́bà, máàkì kò sì lè yà wọ́n sọ́tọ̀. Bákan náà, máàkì kò mọ ₦7,000 yàtọ̀ sí ₦10,000. Ohun tí iṣẹ́ ọkọ̀ wá fi kún káàdì alájọ ni iye, ìdí àti ìlà gbèsè.

Ẹ jẹ́ ká fi ₦10,000 lójúmọ́ ṣe àpẹẹrẹ, ọjọ́ mẹ́fà lọ́sẹ̀, tí Sọ́ńdè jẹ́ ti dírẹ́bà. Lọ́jọ́ Ajé ó mú ₦10,000 wá, gbèsè, òfo. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ₦7,000, gbèsè, ₦3,000. Lọ́jọ́rú ọjà dùn, ó mú ₦12,000 wá: ₦10,000 jẹ́ ti òní, ₦2,000 wọ inú gbèsè, ó ku ₦1,000. Lọ́jọ́bọ̀ ọlitanétọ̀ kú. Àdéhùn wọn ni pé ọ́ìlì, pọ́lọ́ọ̀gì àti táyà tó jò jẹ́ ti dírẹ́bà, ẹ́ńjìnnì, jíà àti irú ọlitanétọ̀ yìí sì jẹ́ ti olówó. Nítorí náà òfo ni iye tó yẹ kó wọlé lọ́jọ́ náà, wọ́n sì kọ ìdí rẹ̀ síwájú. Gbèsè ṣì jẹ́ ₦1,000. Lọ́jọ́ Ẹtì, ₦10,000. Gbèsè kò yí padà. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, ₦6,000. Gbèsè di ₦5,000.

Bí ọ̀sẹ̀ bá parí, ọjọ́ márùn-ún ló yẹ kó san, ₦50,000. Ó mú ₦45,000 wá. Ó ku ₦5,000, ó sì bá ìlà tó kẹ́yìn mu rẹ́gí. Bí méjèèjì ò bá bára mu, ẹ má tíì bá dírẹ́bà sọ̀rọ̀. Inú ìwé ni àṣìṣe wà.

Àṣìṣe tó ti ba ìrẹ́pọ̀ jẹ́ jù ni kí olówó ro gbogbo ìlà gbèsè pọ̀ lópin ọ̀sẹ̀. Nínú àpẹẹrẹ wa, 3,000, 1,000, 1,000, 1,000 àti 5,000 máa di ₦11,000. Dírẹ́bà á búra pé òun ò jẹ tó bẹ́ẹ̀, òótọ́ ló sì ń sọ. Gbèsè ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ti gbé ti àná pọ̀ sínú, nítorí náà èyí tó kẹ́yìn nìkan ni gbèsè. Iye tó yẹ àti iye tó wọlé nìkan là ń rò pọ̀. Àṣìṣe kejì dà bíi ìdàkejì rẹ̀: kí wọ́n ṣí ojú ìwé tuntun fún ọ̀sẹ̀ tuntun, kí ₦5,000 ti àtẹ̀yìnwá má bá wọn débẹ̀. Ìlà àkọ́kọ́ ojú ìwé tuntun gbọ́dọ̀ jẹ́ gbèsè tó kù, kí wọ́n tó kọ ọjọ́ Ajé rárá.

Ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023, nígbà tí náírà tuntun mú owó wọ́n lọ́wọ́, sọ ọ̀pọ̀ dírẹ́bà di ẹni tó ń fi owó ránṣẹ́ láti orí fóònù. Ó dùn mọ́ni, torí àlááàtì jẹ́ ẹ̀rí, ṣùgbọ́n ó mú wàhálà déètì wá. Owó Ọjọ́rú tí ó fi ránṣẹ́ ní agogo méjìlá ààbọ̀ òru á jẹ́ ti Ọjọ́bọ̀ lórí àlááàtì. Bí olówó bá tẹ̀lé àlááàtì, Ọjọ́rú á ṣófo, á sì dà bíi pé ọlitanétọ̀ tó kú lọ́jọ́ kejì rẹ̀ ni wọ́n gba owó fún. Ọjọ́ tí ọkọ̀ ṣiṣẹ́ ni kí ẹ kọ owó náà sí, kì í ṣe ọjọ́ tó wọlé.

Ẹni tó bá ti kó ìwé rẹ̀ sórí fóònù, sínú áàpù bíi Excel, kó fi òpó A ṣe ọjọ́, B iye tó yẹ, C iye tó wọlé, D gbèsè. Kó kọ gbèsè àtẹ̀yìnwá sí D2, kó wá kọ èyí sí D3, kó sì fà á wálẹ̀:

```
=D2+B3-C3
```

Iye tó yẹ gbọ́dọ̀ wà lójú ìlà kọ̀ọ̀kan, kì í ṣe lókè ìwé lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Lọ́jọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023, ìjọba kéde pé owó ìrànwọ́ orí epo ti lọ, epo sì gbówó lórí lójijì. Àwọn olówó àti dírẹ́bà ní láti tún iye dẹ̀lífà sọ láàárín ọ̀sẹ̀. Ẹni tó kọ iye sókè ìwé nìkan tí ó wá pa á rẹ́, ṣe ni gbogbo ọjọ́ tó ti kọjá náà yí padà pẹ̀lú rẹ̀. Ẹni tó kọ ọ́ sójú ìlà kọ̀ọ̀kan, láti ọjọ́ tí wọ́n jọ fẹnu kò ni tirẹ̀ ti yí padà.