Kí ló dé tí kọ́ọ̀lù fi wọ́n ju púùtù lọ nígbà tí gbogbo ayé ń sọ pé ṣíà máa já?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́ ẹ là mí lọ́yẹ̀. Ṣíà kan wà tó jẹ́ 100 dọ́là lónìí, gbogbo èèyàn ló ń sọ pé ó máa já wálẹ̀, síbẹ̀ kọ́ọ̀lù 100 rẹ̀ wọ́n ju púùtù 100 rẹ̀ lọ. Ọjọ́ kan náà làwọn méjèèjì máa parí, ọdún kan sí ìsinsìnyí. Ṣé kì í ṣe púùtù ló yẹ kó wọ́n ni?

Ìdáhùn: Àbúrò, gbàgbé ohun táwọn èèyàn ń sọ ná. Tó bá dá wọn lójú pé ṣíà yẹn máa já, wọ́n á ti tà á, iye rẹ̀ á sì ti kúrò ní 100. Gbogbo ìrètí wọn, gbogbo ìbẹ̀rù wọn, inú 100 yẹn ló wà, kò tún sáyè fún un láti yọjú lẹ́ẹ̀kejì nínú ìyàtọ̀ tó wà láàárín kọ́ọ̀lù àti púùtù. Èlé ló fa ìyàtọ̀ yẹn, ìyẹn iye tó ń náni láti di ṣíà mú títí ọjọ́ á fi pé.

Jẹ́ ká gbé e síta ká wò ó. Kọ́ọ̀lù 100 ń fún ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti ra ṣíà ní 100 lọ́jọ́ tó bá parí, púùtù 100 ń fún ẹ lẹ́tọ̀ọ́ láti tà á ní 100, kò sì sẹ́ni tó máa fipá mú ẹ lo èyíkéyìí. Ká ní èlé jẹ́ 5 nínú ọgọ́rùn-ún lọ́dún, ká sì ní ṣíà yìí ò ní pín èrè kankan láàárín ọdún.

Wá lọ di àpò méjì. Nínú àpò kìíní, fi kọ́ọ̀lù kan sí i, kó o sì fi 95.24 dọ́là sí báńkì (95.24 ló máa di 100 tọ́dún bá pé). Nínú àpò kejì, fi ṣíà kan àti púùtù kan sí i. Ó parí, má fọwọ́ kàn wọ́n mọ́.

Ọdún pé, ṣíà ti di 130. Àpò kìíní: owó báńkì ti di 100, o fi 100 yẹn lo kọ́ọ̀lù, ṣíà tó tó 130 bọ́ sí ẹ lọ́wọ́. Àpò kejì: ṣíà 130 ti wà ńbẹ̀ tẹ́lẹ̀, púùtù ò wúlò, jù ú nù. Méjèèjì jẹ́ 130. Ká tún ní ṣíà já dé 60. Àpò kìíní: kọ́ọ̀lù di òfo, 100 wà ní báńkì. Àpò kejì: o fi púùtù ta ṣíà tó ti di 60 yẹn ní 100. Méjèèjì jẹ́ 100. Fi iye tó bá wù ẹ́ síbẹ̀, 5 dọ́là, 400 dọ́là, bákan náà ni wọ́n máa já sí.

Nǹkan méjì tó máa jẹ́ bákan náà lọ́la láìka ohun tó bá ṣẹlẹ̀ sí, iye kan náà ló gbọ́dọ̀ jẹ́ lónìí. Bí wọ́n ṣe máa ń kọ ọ́ rè é, C ni kọ́ọ̀lù, P ni púùtù, S ni ṣíà, K ni iye tí àdéhùn dá lé, r ni èlé ọdún kan:

```
C + K/(1+r) = P + S
C - P = 100 - 95.24 = 4.76
```

Nítorí náà, tí kọ́ọ̀lù bá jẹ́ 10, púùtù á jẹ́ 5.24. Wò ó dáadáa, kò sí ibi kankan nínú ẹ̀ tá a ti béèrè bóyá ṣíà máa lọ sókè tàbí sísàlẹ̀. Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń ṣìnà gan-an nìyẹn, wọ́n á rí kọ́ọ̀lù tó wọ́n, wọ́n á ní ọjà ń retí ìgòkè. Ká tiẹ̀ ní ìròyìn kan dé tó mú kẹ́nikẹ́ni má mọ ibi tí ṣíà máa já sí, tí ṣíà fúnra rẹ̀ ṣì wà ní 100, kọ́ọ̀lù lè fò láti 10 sí 14, ṣùgbọ́n púùtù náà á fò láti 5.24 sí 9.24. Bí ìbejì ni wọ́n ń rìn, 4.76 ṣì wà láàárín wọn.

Ìbéèrè: Ó yé mi lórí ìwé, ṣùgbọ́n ta ló ń fipá mú ọjà láti tẹ̀ lé e? Tẹ́nì kan bá fẹ́ ta púùtù yẹn ní 4 ńkọ́?

Ìdáhùn: Jẹ́ kó tà á! Àwọn kan wà tí iṣẹ́ wọn lójoojúmọ́ ò ju kí wọ́n máa wá irú ẹni bẹ́ẹ̀ kiri, àwọn ló ń mú kí ìdọ́gba yẹn dúró, kì í ṣe òfin kankan. Ohun tí wọ́n á ṣe rè é. Wọ́n á ra púùtù ní 4, wọ́n á ra ṣíà ní 100, wọ́n á ta kọ́ọ̀lù ní 10, ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n máa ṣe mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Owó tó jáde lápò wọn jẹ́ 94. Tọ́dún bá pé, tí ṣíà bá ju 100 lọ, ẹni tó ra kọ́ọ̀lù lọ́wọ́ wọn á wá gbà á ní 100, tó bá wà nísàlẹ̀, àwọn fúnra wọn á fi púùtù tà á ní 100. Ọ̀nà méjèèjì, 100 ni wọ́n gbà. Tí wọ́n bá sì ti yá 94 yẹn pẹ̀lú èlé 5 nínú ọgọ́rùn-ún, 98.70 ni wọ́n máa san padà, 1.30 ṣẹ́ kù sí wọn lọ́wọ́ lórí ṣíà kọ̀ọ̀kan, ibi yòówù kí ṣíà já sí.

1.30 lè dà bí owó kékeré lójú ẹ, ṣùgbọ́n ní Amẹ́ríkà ọ́pṣọ̀n kan, ìyẹn kọ́ọ̀lù kan tàbí púùtù kan, dúró fún ṣíà 100, ìyẹn 130 dọ́là lórí ọ́pṣọ̀n kan ṣoṣo, wọn ò sì ní ra ẹyọ kan. Bí wọ́n ṣe ń ra púùtù ni iye rẹ̀ ń gòkè, bí wọ́n ṣe ń ta kọ́ọ̀lù ni tiẹ̀ ń wálẹ̀, títí àlàfo yẹn á fi dí. Kọ̀ǹpútà ló ń ṣe é báyìí, kó o tó ṣẹ́jú ó ti dí.

Nǹkan kan tún wà nínú ẹ̀ tí mo fẹ́ràn gan-an: tó o bá ní méjì nínú kọ́ọ̀lù, púùtù àti ṣíà, wàá lè fọwọ́ ara ẹ ṣe ìkẹta. Nígbà tí ọjà ọ́pṣọ̀n Chicago, CBOE, ṣí lọ́dún 1973, kọ́ọ̀lù nìkan ni wọ́n ń tà níbẹ̀, ọdún 1977 ni púùtù tó dé. Ẹni tó bá fẹ́ púùtù láàárín ìgbà yẹn lè ra kọ́ọ̀lù, kó yá ṣíà tà, kó sì fi owó sí báńkì, púùtù ló ti fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe yẹn, bó tiẹ̀ jẹ́ pé kò sí púùtù lórí àtẹ.

Ìbéèrè: Mo ti lọ ṣí ápù búrókà mi o. Ṣíà míì ni mo wò, òun náà jẹ́ 100, ọdún kan, kọ́ọ̀lù 10, púùtù 9. Ìyàtọ̀ 1 péré, kì í ṣe 4.76! Ṣé kí n sáré wọlé?

Ìdáhùn: Rọra ná. Tí àlàfo bá tóbi tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n sì fi í sílẹ̀ kó o wá bá a, ó ní nǹkan tó ò tíì kà mọ́ ìṣirò.

Kọ́kọ́ wò ó bóyá iye tó ò ń wò kì í ṣe iye tí wọ́n tà á kẹ́yìn. Kọ́ọ̀lù yẹn lè jẹ́ pé àárọ̀ ni wọ́n tà á, kí púùtù jẹ́ ìsinsìnyí, ṣíà á sì ti rìn láàárín méjèèjì. Iye tí wọ́n fẹ́ rà á lọ́wọ́ ẹ àti iye tí wọ́n fẹ́ tà á fún ẹ ní ìṣẹ́jú kan náà ni kó o máa lò. Àlàfo púpọ̀ ló máa ń kú síbẹ̀.

Lẹ́yìn ìyẹn, béèrè bóyá ṣíà yẹn ń pín èrè. Tó bá máa san 2 dọ́là lóṣù mẹ́fà sí i, ẹni tó di ṣíà mú ló máa gbà á, ẹni tó di kọ́ọ̀lù mú ò ní rí nǹkan kan. 2 yẹn tó 1.95 lónìí, a máa yọ ọ́ kúrò lára ṣíà, ìyàtọ̀ tó yẹ kó wà á di 2.81 dípò 4.76. O rí i pé ó ti ń súnmọ́ tìẹ díẹ̀.

Tí kò bá pín èrè rárá ńkọ́? Ibí ni ọ̀rọ̀ wà. Láti jẹ àlàfo tìẹ yẹn, o máa ní láti ra kọ́ọ̀lù, ta púùtù, kó o sì yá ṣíà tà. 100 wọlé láti ara ṣíà, 9 láti ara púùtù, 10 jáde fún kọ́ọ̀lù, ó ku 99. Fi 99 sí báńkì, á di 103.95, wàá fi 100 gba ṣíà padà, 3.95 ló ṣẹ́ kù. Ó dùn létí, àbí? Ṣùgbọ́n o ní láti rí ẹni tó máa yá ẹ ní ṣíà yẹn, àti fún ọdún kan gbáko. Tó bá jẹ́ ṣíà tí gbogbo èèyàn ń wá láti yá tà, olówó ẹ̀ á máa gba owó ìyálò, bíi 4 dọ́là lórí 100 lọ́dún, 3.95 yẹn ti bá a lọ tán nìyẹn. Nígbà míì kò tiẹ̀ sẹ́ni tó máa yá ẹ. Oṣù kẹta ọdún 2000 ni irú ẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ṣíà Palm, ilé iṣẹ́ tó ń ṣe kọ̀ǹpútà àtẹ́lẹwọ́, lẹ́yìn tí 3Com, ilé iṣẹ́ tó ni ín, gbé e wá sọ́jà: ṣíà tí wọ́n lè yá kéré gan-an, púùtù wọn wá wọ́n ju kọ́ọ̀lù lọ fíìfíì, ìdọ́gba sì dà bí ẹni pé ó ti fọ́ ní gbangba, ọwọ́ ò sì tó owó náà.

Torí náà, ìbéèrè tó yẹ kó o bi búrókà ẹ ni pé èló ni wọ́n ń gba láti yá ṣíà yìí. Ó ṣeé ṣe kí ìdáhùn wọn tó bíi 4 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ìbéèrè: Ọ̀kan tó kù, ẹ̀gbọ́n. Tí mo bá fẹ́ dán ìṣirò yìí wò kó sì bára mu, èwo ni kí n lò?

Ìdáhùn: Lo ọ́pṣọ̀n irú Yúróòpù, ìyẹn èyí téèyàn ò lè lò àfi lọ́jọ́ tó bá parí gan-an (orúkọ lásán ni, kò sí bí wọn ò ṣe lè tà á ní Amẹ́ríkà). SPX, ìyẹn ọ́pṣọ̀n orí S&P 500 tó kó ṣíà àwọn ilé iṣẹ́ ńlá Amẹ́ríkà pọ̀, jẹ́ irú ẹ̀. Ọ́pṣọ̀n orí ṣíà ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ní Amẹ́ríkà, ìgbàkúùgbà lèèyàn lè lò ó, ẹni tó ní púùtù lè rí i pé ó sàn kí òun tètè gba 100 òun ju kóun dúró de ọdún kan lọ, ìyẹn máa ń fi kún iye púùtù. Ìyàtọ̀ wọn ò ní dúró lójú kan mọ́, nínú àpẹẹrẹ wa tí kò pín èrè, ó lè wà níbikíbi láti 0 sí 4.76.

Fún SPX, má wulẹ̀ wá èlé àti èrè lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Mú iye àdéhùn méjì tó jìnnà síra, kó o yọ púùtù kúrò lára kọ́ọ̀lù fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó o wá pín ìyàtọ̀ èsì méjèèjì fún ìyàtọ̀ iye àdéhùn. Nọ́ńbà tó bá jáde ni iye tí 1 dọ́là ọjọ́ ìparí tó lónìí. Ní èlé 5 nínú ọgọ́rùn-ún fún ọdún kan, ó yẹ kó o rí 0.952.